Èésú àti Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Dípò Ẹ̀yáwó Báǹkì: Ẹni Tí Ewu Rẹ̀ Wà Lórí

Aránṣọ kan nílùú Ìbàdàn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lo iná mànàmáná àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí yóò máa gbé e lè ṣírò owó rẹ̀, kó sì rí i pé 600,000 náírà ni òun nílò. Kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé òun lè máa yọ 50,000 náírà lóṣooṣù nínú èrè iṣẹ́ òun. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un: kó lọ yá owó ní báǹkì, kó wọ èésú, tàbí kó di ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí kọ́párétíìfù.

Ọ̀nà báǹkì le fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé tí àwọn báǹkì yòókù ń wò dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì dín in kù sí 27 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Èlé tí báǹkì ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré máa ń ga ju òṣùwọ̀n yìí lọ. Bí báǹkì bá yá aránṣọ yìí ní 600,000 náírà fún oṣù méjìlá pẹ̀lú èlé ìdá 30 lọ́dún, tí wọ́n ń ṣírò èlé náà lórí ìwọ̀nba gbèsè tó bá ṣẹ́ kù lóṣooṣù, yóò máa san nǹkan bíi 58,500 náírà lóṣù, gbogbo èlé tí yóò san yóò sì jẹ́ nǹkan bíi 102,000 náírà. Yàtọ̀ sí èyí, báǹkì yóò bèèrè ohun ìdógò, onígbọ̀wọ́ tó ń gba owó oṣù, àti àkọsílẹ̀ bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde nínú àkáǹtì rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yà sọ́dọ̀ èésú. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé èésú kò ní èlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìsí èlé kò sọ pé kò sí ewu níbẹ̀, kò sì sọ pé ewu náà pín dọ́gba láàárín àwọn tó ń dá a.

Ìyàtọ̀ èésú àti àjọ

Lóde òní, àjọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú àjọ, alájọ ni yóò máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò lójoojúmọ́, tí yóò sì máa sàmì sí káàdì rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, oníṣòwò yóò gba owó ara rẹ̀, alájọ yóò sì mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dá 1,000 náírà lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 yóò gba 30,000 náírà. Ìpamọ́ owó lásán ni èyí, kì í ṣe ẹ̀yáwó.

Èésú ní tirẹ̀ kò ní owó tó ń sùn níbì kan. Àwọn èèyàn kan yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò fẹnu kò sí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa dá ní àkókò kan náà, gbogbo owó tí wọ́n bá sì dá ni ẹnì kan yóò kó lọ. Nígbà mìíràn, ó di ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, ó sì fi hàn pé èésú ní àwọn òfin tí wọ́n fi ń dáàbò bò ó. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun gbé e dání lọ; títí di òní, súsú ni àwọn ará Tirinídáàdì ń pè é.

Bí ìṣirò èésú ṣe ń lọ

Ká ní aránṣọ náà àti àwọn mọ́kànlá mìíràn dá èésú sílẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń dá 50,000 náírà lóṣù. Èèyàn méjìlá, oṣù méjìlá, 600,000 náírà ni ẹni tó bá kàn yóò kó lóṣooṣù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá ìlọ́po méjì, wọ́n máa ń sọ pé ó dá ọwọ́ méjì, yóò sì kó o lẹ́ẹ̀mejì.

Bí aránṣọ bá jẹ́ ẹni kìn-ín-ní tó kó o, 50,000 náírà péré ló ti jáde lápò rẹ̀ nígbà tó ra ẹ̀rọ. 550,000 náírà tó kù jẹ́ owó àwọn mọ́kànlá yòókù, oṣù mọ́kànlá ni yóò sì fi dá a padà láìsan èlé kankan. Ẹ̀yáwó tó dára jù lọ nìyẹn, nítorí ẹ̀rọ náà yóò ti máa mówó wọlé kó tó san án tán.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni kejìlá, ọ̀rọ̀ yí padà. Kó tó kàn án, 550,000 náírà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Kì í ṣe pé ó yá owó. Òun gan-an ló ń yá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lówó, kò sì gba èlé. Bí owó ẹ̀rọ náà bá ti gòkè láti 600,000 sí 720,000 náírà láàárín ọdún náà, owó tó kó kò lè rà á mọ́. Nítorí náà, ipò tí ẹnì kan wà nínú ìtò ló ń sọ bóyá ẹ̀yáwó ni èésú jẹ́ fún un tàbí ìfowópamọ́. Ẹni tó nílò owó láti ra ohun èlò ní oṣù kejì, tí wọ́n sì fi sí ipò kẹwàá, kò rí ohun tó wá gbà rárá.

Ibi tí èésú ti ń dàrú

Ewu tó ga jù lọ kì í wá ṣáájú kíkó. Ẹ̀yìn kíkó ló máa ń wá. Ẹni tí kò tíì kó yóò máa sáré dá tirẹ̀, nítorí ó ń retí ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti kó kò ní ohun tó ń retí mọ́ bí kò ṣe orúkọ rere rẹ̀.

Ká ní ẹni kẹta nínú àwọn méjìlá náà kó 600,000 náírà rẹ̀ ní oṣù kẹta, tó sì dákẹ́ láti oṣù keje. Ó ti dá 300,000 náírà, 300,000 náírà sì kù lọ́rùn rẹ̀. Láti oṣù keje títí dé oṣù kejìlá, 550,000 náírà ni ẹni tó bá kàn yóò máa kó. Ẹni mẹ́fà ló pàdánù 50,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti kó láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò sì pàdánù kọ́bọ̀. Àwọn tó ní sùúrù jù lọ ni ìyà náà bọ́ sórí wọn.

Ohun tó burú ju èyí lọ lè tẹ̀ lé e. Bí àwọn tí kò tíì kó bá gbọ́ pé owó ti ń dín, ẹ̀rù lè bà wọ́n, kí wọ́n sì sọ pé àwọn kò dá mọ́. Bí èésú náà bá tú ká pátápátá ní oṣù keje, ẹni mẹ́fà tó kẹ́yìn ti dá 300,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan láìkó ohunkóhun. 1,800,000 náírà wọn ló wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́fà àkọ́kọ́. Gbèsè ẹnì kan tó jẹ́ 300,000 náírà ti di ti gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ dúró nígbà tí ẹnì kan bá kùnà. Ó sàn kí àwọn mọ́kànlá tó kù pín àìpé oṣù kọ̀ọ̀kan láàárín ara wọn. 50,000 náírà tó dín lóṣù yóò jẹ́ nǹkan bíi 4,550 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo àdánù ẹnì kan fún oṣù mẹ́fà náà yóò sì jẹ́ nǹkan bíi 27,300 náírà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti kọ ìlànà yìí sílẹ̀. Ẹni tó ti kó tirẹ̀ tán kì í fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Àmì wà tí a fi ń mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kùnà. Ẹni tó ń dá lọ́jọ́ tó pé kó tó kó, tó wá ń fi ọjọ́ márùn-ún tàbí ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ lẹ́yìn tó kó tán, tàbí tó ń san án díẹ̀díẹ̀, ń sọ ohun kan láìsọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wà nínú èésú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó ń fi owó tó kó nínú ọ̀kan dá òmíràn. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn ni yóò já. Ó sì yẹ kí a fura sí olórí èésú tó ń dá ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, tí gbogbo ọwọ́ náà sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtò. Èésú tí àwọn tó ń dá a kò ti jókòó pọ̀ lójúkojú lẹ́ẹ̀kan rí kò yẹ ní wíwọ̀.

Ohun tó ń dín ewu kù kò pọ̀. Kí àwọn àlejò àti àwọn tí wọn kò mọ ilé tàbí ìsọ̀ wọn wà ní ẹ̀yìn ìtò. Kí ẹni tó fẹ́ tètè kó mú onígbọ̀wọ́ wá láti inú àwọn tí kò tíì kó, nítorí owó onígbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú èésú tí wọ́n lè fi dí àlàfo. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn, iye owó, ọjọ́ ìdá àti ìtò kíkó sínú ìwé kan, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Kí owó máa gba inú àkáǹtì lọ sọ́wọ́ ẹni tó kàn, kí ẹ̀rí lè wà.

Ọ̀nà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yàtọ̀ sí èésú ní ti pé òfin mọ̀ ọ́n. Ọdún 1935 ni òfin àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1993 béèrè pé kí èèyàn mẹ́wàá ó kéré tán para pọ̀ kí wọ́n tó lè fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ra ìpín, wọ́n ń fi owó pamọ́ lóṣooṣù, wọ́n sì ń yá owó nínú àpapọ̀ rẹ̀. Èlé tí àwọn tó yá owó san ni wọ́n ń yọ ìnáwó ẹgbẹ́ kúrò nínú rẹ̀ lópin ọdún kí wọ́n tó pín èyí tó kù fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà kó tó lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní níbẹ̀, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ká ní aránṣọ fi 50,000 náírà pamọ́ lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Ó ti ní 300,000 náírà, ó sì yá 600,000 náírà fún oṣù méjìlá pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé rẹ̀ jẹ́ 60,000 náírà, yóò sì máa san 55,000 náírà lóṣù.

Lójú, èyí dín ju ti báǹkì lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣírò. Èkíní ni pé orí gbogbo 600,000 náírà ni wọ́n ti gbé èlé náà kalẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ oṣooṣù ni gbèsè ń dín kù. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bí báǹkì ṣe ń ṣírò tiwọn, ìdá mẹ́wàá yẹn sún mọ́ ìdá 18. Èkejì ni pé ẹgbẹ́ kò ní í jẹ́ kó fọwọ́ kan 300,000 náírà tó fi pamọ́ títí yóò fi san gbèsè tán. Nítorí náà, owó àwọn ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́ kò ju 300,000 náírà lọ. Nígbà tó bá ti san ti oṣù kẹfà, gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú owó ara rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Láti oṣù keje lọ, owó ara rẹ̀ ló ń yá, tó sì ń san èlé lé lórí.

Èyí kò sọ pé kí ó má yá a. Díẹ̀ nínú èlé náà yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín èrè, owó tó fi pamọ́ yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí gbèsè bá tán. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ bóyá wọ́n ń dín èlé kù fún ẹni tó bá tètè san tán. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sàn kó sáré san án ní oṣù mẹ́jọ.

Onígbọ̀wọ́ àti àwọn tó ń ṣe ìjọba ẹgbẹ́

Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, onígbọ̀wọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí lásán. Bí ẹni tó yá owó bá sá lọ, owó tí onígbọ̀wọ́ fi pamọ́ ni ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ̀wọ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ béèrè iye gbèsè tó ti wà lọ́rùn onítọ̀hún tẹ́lẹ̀ àti iye èèyàn tí òun náà ti gbọ̀wọ́ fún. Níbi tí èèyàn mẹ́ta bá ti ń gbọ̀wọ́ fún ara wọn ní àyíká, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ yá owó, kò sí onígbọ̀wọ́ kankan níbẹ̀.

Ewu kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso. Ẹgbẹ́ tí kò pe ìpàdé gbogboogbò lọ́dún, tí kò ka ìṣirò owó tí olùyẹ̀wé yẹ̀ wò sétí ọmọ ẹgbẹ́, tàbí tí ẹnì kan ṣoṣo ń fọwọ́ sí ìwé ìgbowó rẹ̀ ní báǹkì ti ń rìn létí ọ̀gbun. Àmì tó hàn jù ni ti ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ kúrò, tó ti kọ̀wé, tó ti dúró fún iye ọjọ́ tí ìlànà sọ, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí owó ẹni tó ń lọ bá di ohun tí wọ́n ń wá kiri, ó ṣeé ṣe kí owó àwọn tó dúró ti lọ. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ béèrè ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, kó sì lọ wádìí nọ́ńbà rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ohun kan tún wà tí báǹkì ní tí èésú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní. Bí báǹkì ńlá bá wó, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dójútòfò owó oníbàárà, NDIC, yóò san owó padà fún oníbàárà títí dé 5,000,000 náírà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kéde lọ́dún 2024. Kò sí irú ìdójútòfò bẹ́ẹ̀ lórí èésú, kò sì sí lórí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Èyí tí kì í ṣe èésú

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé èésú kò lérè, iye tí a bá dá ni a óò kó. Ọ̀rọ̀ yìí ni òṣùwọ̀n tó péye jù lọ láti fi mọ ayédèrú. Nínú èésú tòótọ́, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ń kó. Ètò tó bá ń pe ara rẹ̀ ní èésú tàbí kọ́párétíìfù, tó sì ń ṣèlérí pé ẹni tó dá 100,000 yóò kó 130,000 náírà lóṣù kan, owó àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló fẹ́ fi san ti àwọn tó ṣáájú. Ìlérí ìdá ọgbọ̀n lóṣù ni MMM fi fa ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ́ra kí wọ́n tó ti ọ̀nà owó wọn pa ní oṣù kejìlá ọdún 2016.

Bí owó bá há

Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń dógò ti onígbèsè: olówó yóò lọ jókòó sílé rẹ̀ títí yóò fi san. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà pé kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan, nítorí náà gbèsè èésú kì í ṣe iṣẹ́ wọn, àfi bí jìbìtì bá wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí ni ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kékeré. Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2018 fún gbèsè tí kò ju 5,000,000 náírà lọ. Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, olùdarí tí ìjọba yàn lé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lórí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé aáwọ̀ lọ bá kó bá wọn parí rẹ̀. Níbi méjèèjì, ohun kan náà ni wọn yóò béèrè: ìwé tí onítọ̀hún fọwọ́ sí, àti ẹ̀rí pé owó dé ọwọ́ rẹ̀.

Fún aránṣọ tí a fi bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn wà nínú ọjọ́ tó nílò ẹ̀rọ náà. Bí ó bá lè dúró fún oṣù mẹ́fà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ka ìṣirò rẹ̀ sétí ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún ni kó wọ̀. Bí ó bá nílò rẹ̀ kíákíá, tí àwọn méjìlá tó mọ ilé ara wọn sì fún un ní ipò kejì tàbí ìkẹta, èésú ni kó dá. Bí ipò kẹwàá ni wọ́n bá fún un, kó mọ̀ pé òun kì í ṣe ayáwó níbẹ̀. Òun ni ayánilówó, òun ló sì yẹ kó béèrè onígbọ̀wọ́.